Ta Ló Ń Sanwó Kóòdù Tí O Ń Kọ? Ìrántí Bajulaiye fún Ọmọ Tó Ń Wáṣẹ́

Ẹni tó bá dàgbà ní Bajulaiye yóò rántí pé ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń jí wa láyé àtijọ́, àkùkọ kò tó bẹ́ẹ̀. Kí ìyá ẹlẹ́kọ tó sọ igbá kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni ẹ̀rọ ti ń lù láti Ṣípẹ̀olú títí dé apá Fọlá Àgòrò, tí òórùn yíǹkì ń dàpọ̀ mọ́ ti kẹrosíìnì tí a fi ń fọ lẹ́tà òjé, mọ́ ti gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ ẹ̀yìn ìwé, mọ́ ti àkàrà tí ń hó nínú epo, tí àwọn ọlọ́mọlanke tó kó bébà tuntun ń pariwo "ẹ yà fún mi o!", tí èérún bébà pupa àti aláwọ̀ ewé ń fò kiri ojú gọ́tà. Ìwé ìpè ìgbéyàwó ni, àlímánáákì ẹgbẹ́ ni, ìwé rìsíìtì, pósítà olóògbé, lébẹ́ẹ̀lì ìgò àgbo, ìwé ètò ìsìn, ìwé ìdánwò tí wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́. Kí la ò tẹ̀ ní Ṣómólú? Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ṣì wà níbẹ̀ dòní, àmọ́ kọ̀ǹpútà ti gba ipò lẹ́tà òjé, àwọn ọmọ tí bàbá wọn ń fi ọwọ́ to lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sínú férémù sì ti di ẹni tó ń kọ kóòdù.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí ló mú mi gbé kálámù. Dẹfẹ́lọ́pà pọ̀ nínú wọn, orí wọn pé, ọwọ́ wọn yá, àmọ́ bí wọ́n bá ń wáṣẹ́, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń kọ sínú ìwé: ilé-iṣẹ́ tó dára, owó tó tẹ́ni lọ́rùn, kí n lè máa ṣiṣẹ́ láti ilé. Nígbà tiwa, ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé kì í sọ pé ilé ìtẹ̀wé tó dára ni òun ń wá. Yóò sọ ilé ẹni tó ń lọ, gbogbo àdúgbò ni yóò sì mọ irú òṣìṣẹ́ tí yóò dà bó bá jáde.

Irú ilé ìtẹ̀wé mẹ́ta ni mo fi ojú ara mi rí dáadáa. Èkíní jẹ́ ti bàbá kan tí kì í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé àti àlímánáákì tirẹ̀ ló ń tẹ̀. Òun ló ń kó o lọ sọ́jà, òun náà ni àwọn ìyá ọlọ́jà ń bá wí bí ẹ̀yìn ìwé bá tú. Bí ọjà kò bá tà, bébà á kún yàrá ìyàwó rẹ̀ kan àjà. Àmọ́ ọmọ tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, òun ni wọn yóò pè nígbà tí ìwé tó rán lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn bá tú, tipátipá ni yóò fi mọ ìdí tó fi tú. Èkejì ni ti bàbá mi. Ohun tí oníbàárà bá gbé wá ni à ń tẹ̀: ìgbéyàwó lọ́jọ́ Ajé, òṣèlú lọ́jọ́rú, òkú lọ́jọ́ Ẹtì. Láàárín ọdún kan, ọmọ ọ̀dọ̀ wa á ti mọ oríṣi bébà àti oríṣi oníbàárà tí ẹlòmíì kò ní rí lọ́dún mẹ́ta, àmọ́ bí iṣẹ́ bá ti jáde lẹ́nu ọ̀nà, ó ti bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn. Ẹ̀kẹta kò ní ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ rárá. Àwọn géńdé tó mọ ẹ̀rọ Heidelberg í darí ló kó jọ, tí ilé ìtẹ̀wé ńlá ní Ìlúpéjú bá ní iṣẹ́ tó pọ̀ jù, wọ́n á wá yá wọn lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ń gba owó, òun ló ń san ti àwọn ọmọ. Wọ́n máa ń rí ẹ̀rọ tí àwa kò rí rí. Oṣù tí Ìlúpéjú kò bá pè wọ́n, bẹ́ǹṣì iwájú ilé ni wọ́n ń jókòó sí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Mo kúrò nídìí yíǹkì lọ sídìí kọ̀ǹpútà, mo sì bá ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí níbẹ̀. Mo kọ COBOL fún ilé adójútòfò kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Nígbà tó yá, mo kọ ètò owó oṣù pẹ̀lú Clipper àti FoxPro fún ẹnikẹ́ni tó bá pè mí. Wọ́n sì ti fi mí ránṣẹ́ sí báńkì rí, tí mo ń jókòó láàárín àwọn òṣìṣẹ́ wọn bí ẹni tó jẹ́ tiwọn, tí owó oṣù mi ń ti ibòmíràn wá. Láyé ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ tó ní sọ́fútíwíà tirẹ̀ kò pọ̀ ní Nàìjíríà. SystemSpecs, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, sọ́fútíwíà ìṣirò owó tí àwọn òyìnbó ṣe ló kọ́kọ́ ń bá wọn tà, kó tó ṣe HumanManager fún owó oṣù òṣìṣẹ́, kó tó wá ṣe Remita tí a wá fi ń sanwó fún ìjọba. Àwọn báńkì wa sì ń ra Finacle àti Flexcube láti ilẹ̀ Íńdíà. Ọmọ tó bá ń wáṣẹ́ nígbà náà kò ní ibi púpọ̀ láti yàn. Àwọn ti òní ní ibi tó pọ̀, wọn kò kàn fara balẹ̀ wò ó ni.

Ọmọbìnrin àbúrò mi kan wá bá mi nílé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú irú ìwé tí mo sọ yẹn. Ó ti ń kọ kóòdù fún ọdún méjì, iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ní ti parí, ibi mẹ́ta sì ti dá a lóhùn. Ọ̀kan ń ta sọ́fútíwíà fún àwọn iléèwé láti máa gba owó iléèwé àti láti máa fi èsì ìdánwò ránṣẹ́ sáwọn òbí. Ọ̀kan jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ́jẹ́ńsì, tó ń ṣe áàpù àti ojú-ewé fún ẹnikẹ́ni tó bá sanwó. Ẹ̀kẹta ń yá àwọn dẹfẹ́lọ́pà fún ilé-iṣẹ́ òkè òkun, dọ́là ni wọ́n sì ń san. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò rí i pé ti dọ́là yìí ló dáa jù?" Mo ní kó jókòó, kó jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹni tó ń sanwó fún ìlà kóòdù kọ̀ọ̀kan tó bá kọ, àti ohun tí ẹni náà rò pé òun ń rà.

A bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ́jẹ́ńsì, nítorí òun ni mo mọ̀ jù. Ká ní oníṣòwò kan ní òun fẹ́ áàpù, ẹ́jẹ́ńsì sì dá iye lé e: mílíọ̀nù mẹ́fà náírà, oṣù méjì. Ẹni mẹ́rin ni yóò ṣe é, wọ́n ń gba ọ̀kẹ́ ogún, ìyẹn ₦400,000, lẹ́nì kọ̀ọ̀kan lóṣù. Owó oṣù fún oṣù méjì jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta àti igba ẹgbẹ̀rún. Fi iná, jẹnẹrétọ̀, ilé àti íńtánẹ́ẹ̀tì kún un, ká ní ìdajì mílíọ̀nù lóṣù. Mílíọ̀nù mẹ́rin àti igba ẹgbẹ̀rún ló jẹ, èrè tó kù kò burú. Àmọ́ oníbàárà á dé lọ́sẹ̀ kẹfà, á ní òun rí áàpù ẹnìkan, òun náà fẹ́ irú rẹ̀, ọ̀gá ẹ́jẹ́ńsì kò sì fẹ́ kó bínú lọ. Bí oṣù méjì bá di mẹ́ta ààbọ̀, ìnáwó ti di mílíọ̀nù méje àti ₦350,000, wọ́n ti wọ gbèsè. Kí ni ọ̀gá á wá ṣe? Á gba iṣẹ́ mìíràn kí tàkọ́kọ́ tó tán, á pín àwọn òṣìṣẹ́ sí méjì, á ní kí wọ́n fi àyẹ̀wò kóòdù sílẹ̀ ná. Ibi tí ọmọ tó yẹ kó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àgbà ti ń kọ́ bí a ṣe ń sáré nìyẹn. Ọ̀gá náà lè má jẹ́ èèyàn burúkú rárá. Iye tí wọ́n ti dá ṣáájú ló há a mọ́. Nítorí náà mo sọ fún un pé bó bá dé ọ̀dọ̀ ẹ́jẹ́ńsì, kó béèrè bóyá iye kan ṣoṣo ni wọ́n ń dá fún iṣẹ́ tàbí wákàtí ni wọ́n ń kà, ta ló ń san owó àyípadà, iṣẹ́ mélòó ni dẹfẹ́lọ́pà kan ń dì mú lẹ́ẹ̀kan náà, àti oníbàárà mélòó tó ṣì ń sanwó ìtọ́jú lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti jáde. Ìdáhùn tó kẹ́yìn yìí ló ń fi ẹ́jẹ́ńsì gidi hàn, torí ibi tí wọ́n bá ti ń tọ́jú iṣẹ́ àná ni èèyàn ti lè rí àṣìṣe ara rẹ̀.

Ti àwọn tó ń yáni yẹn gùn díẹ̀. Bí o bá dúró ní Bajulaiye, tí o jáde sí ọ̀nà Ìkòròdú, tí o wo òdìkejì sí Ìlúpéjú, o kò jìnnà síbi tí Andela wà tẹ́lẹ̀. Ọdún 2014 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń kó àwọn ọmọ tí orí wọn pé, wọ́n ń kọ́ wọn fún oṣù díẹ̀, wọ́n ń sanwó fún wọn bí wọ́n ṣe ń kọ́ṣẹ́, kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àdéhùn ọdún mẹ́rin. Mark Zuckerberg fúnra rẹ̀ wá sí Yábàá, níbi tí wọ́n wà nígbà náà, wò wọ́n lóṣù kẹjọ ọdún 2016. Gbogbo òbí ló fẹ́ kí ọmọ òun wọbẹ̀, wọn kò sì jẹ̀bi, torí àwọn ọmọ náà ń kọ́ ohun tí yunifásítì kò kọ́ wọn. Àmọ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, Andela dá àwọn dẹfẹ́lọ́pà kékeré bí 250 dúró ní Nàìjíríà àti Uganda, wọ́n sì ní ó ṣeé ṣe kó kan àwọn 170 mìíràn ní Kenya. Àlàyé wọn kò lábùlà: àwọn oníbàárà òkè òkun ń fẹ́ àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, wọn kò béèrè àwọn ọmọ kékeré mọ́. Ní oṣù karùn-ún 2020, lásìkò kòrónà, wọ́n tún dá òṣìṣẹ́ 135 dúró. Ilé-iṣẹ́ náà kò kú o. Ní 2021 wọ́n gba igba mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ àwọn olùdókòwò. Àwọn tó ti gbó lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n wá ń wá láti ibi gbogbo lágbàáyé.

Mo ṣírò rẹ̀ fún ọmọ náà lórí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀. Ká ní ilé-iṣẹ́ òyìnbó ń san $3,000 lóṣù lórí rẹ, tí ìwọ sì ń gba $1,200. Má pariwo pé wọ́n jẹ ọ́ yó. Nínú $1,800 tó kù ni wọ́n ti ń san ẹni tó wá oníbàárà, ẹni tó dán ọ wò, owó orí, àti owó àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Ẹnì kan tó bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì fún oṣù kan ti jẹ ìdá méjì nínú mẹ́ta $1,800 tí wọ́n ń rí lórí rẹ lóṣù náà, bí owó oṣù rẹ̀ bá jẹ́ bíi tìrẹ. Àgbà dẹfẹ́lọ́pà kì í pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì. Ẹni tó lo ọdún méjì péré lẹ́nu iṣẹ́ lè pẹ́, òun ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ yọ. Àwọn ohun tó yẹ kó béèrè wá hàn kedere: bí oníbàárà bá lọ, oṣù mélòó ni ẹ ó fi san mí? Ọjọ́ mélòó ni oníbàárà gbọ́dọ̀ fi kìlọ̀ kó tó lọ? Ǹjẹ́ ìwé àdéhùn sọ pé oníbàárà kò gbọ́dọ̀ gbà mí tààrà, títí dìgbà wo? Kóòdù náà yóò jẹ́ ti oníbàárà, lọ́pọ̀ ìgbà o kò ní lè fi han ẹlòmíràn tí o bá tún ń wáṣẹ́. Ìyẹn náà jẹ́ owó tí o ń san.

Ilé-iṣẹ́ tó ní ọjà tirẹ̀ náà ní àléébù tirẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń sọ ti Paystack, tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ ní 2015, tí Stripe rà ní oṣù kẹwàá 2020 ní iye tó ju igba mílíọ̀nù dọ́là lọ. Wọn kì í rántí Konga, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012 tí ariwo rẹ̀ gba Èkó kan, tó dá òṣìṣẹ́ púpọ̀ dúró kí Zinox tó rà á ní 2018. Ọjà tí kò tà á kún yàrá. Ohun tí a ó béèrè níbẹ̀ ni iye tó wà lọ́wọ́, iye tó ń jáde lóṣù, iye tó ń wọlé, kí èèyàn lè mọ oṣù tó kù kí àpò tó gbẹ. Ọ̀gá tó bá ń yí ojú nígbà tí o bi í léèrè yìí ti dáhùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ní kó sọ fún ọ ohun tó bàjẹ́ kẹ́yìn, ẹni tí wọ́n jí lóru, àti ohun tí wọ́n yí padà lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti lè sọ ìtàn yìí láìdárúkọ ẹnikẹ́ni bí ọ̀daràn, ọmọdé lè kọ́ṣẹ́ níbẹ̀.

Ó wá bi mí léèrè bí òun yóò ṣe mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, nígbà tí gbogbo wọn ń pe ara wọn ní ilé-iṣẹ́ sọ́fútíwíà. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. A ṣí ojú-ewé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí fóònù rẹ̀. Ti àwọn tó ń ta sọ́fútíwíà fún iléèwé ní iye owó tí iléèwé kọ̀ọ̀kan yóò san lóṣù, bọ́tìnì láti forúkọ sílẹ̀, àti àlàyé bí a ṣe ń lò ó. Ti ẹ́jẹ́ńsì ní àwòrán iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe àti àmì àwọn oníbàárà. Ti ẹ̀kẹta, òṣìṣẹ́ gan-an ni wọ́n ń polówó, àwòrán àwọn ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín níwájú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí wọn yóò fi wá dẹfẹ́lọ́pà fún ọ. Àmọ́ ojú-ewé lè tanni. Ẹ́jẹ́ńsì púpọ̀ ní Èkó ní ọjà kékeré kan tí wọ́n ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ oníbàárà bá dínkù, ilé-iṣẹ́ ọlọ́jà mìíràn sì ń ṣe àkànṣe iṣẹ́ fún báńkì kan ṣoṣo tó ń bọ́ gbogbo wọn. Ìbéèrè tó ń tú u fó ni pé: lóṣù tó kọjá, kí ló gba wákàtí àwọn dẹfẹ́lọ́pà yín jù?

Bí wọ́n ṣe ń dánni wò náà yàtọ̀, ó sì yẹ kéèyàn mọ̀ ọ́n kó tó máa da ìwé ìwáṣẹ́ kiri. Ẹ́jẹ́ńsì á ní kí o lọ ṣe nǹkan kékeré kan wá láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n lè rí bí ọwọ́ rẹ ṣe yá tó. Ilé-iṣẹ́ ọlọ́jà á fẹ́ jókòó bá ọ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí o ti ṣe rí, ìdí tí o fi ṣe é bẹ́ẹ̀, ohun tí ì bá fọ́ bí èrò bá di ìlọ́po mẹ́wàá. Àwọn tó ń yáni ní ilẹ̀kùn méjì: wọn yóò dán ọ wò fúnra wọn, oníbàárà yóò tún dán ọ wò, o sì lè yege nínú èkíní kí o jókòó lórí bẹ́ǹṣì nítorí èkejì. Ẹni tó bá ń fi ìmúra kan náà lọ síbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí wọ́n ń lé e padà, á máa rò pé òun kò mọ iṣẹ́. Ó mọ̀ ọ́n. Ẹnu ọ̀nà tó gbà ni kò bá a mu. Mo bẹ àwọn ọmọ wa, ẹ yan ẹnu ọ̀nà kan fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ẹ múra fún un dáadáa, kí ẹ tó yà sí òmíràn. Fífi ìwé kan náà ránṣẹ́ síbi ọgọ́rùn-ún lálẹ́ ọjọ́ kan kò ní kọ́ yín ní ohunkóhun.

A wá fa ìlà sórí ìwé tó gbé wá, a tún un kọ. Dípò ilé-iṣẹ́ tó dára, ó kọ pé láàárín oṣù méjìdínlógún, òun fẹ́ lè di sọ́fútíwíà kan mú láti ọjọ́ tó jáde títí dìgbà tó bá ti fọ́ tí òun ti tún un ṣe. Pé ó kéré tán, àgbà kan gbọ́dọ̀ máa ka kóòdù òun kó tó wọlé. Pé owó tí yóò gbé òun lọ tí yóò sì gbé òun bọ̀, tí yóò tún ran ìyá òun lọ́wọ́, kò gbọ́dọ̀ dín sí iye kan, ó sì kọ iye náà. Nígbà tí a fi ìwé yìí wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti dọ́là kò lè ṣe ìlà kìíní, torí ó lè yí oníbàárà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan. Ẹ́jẹ́ńsì kò lè ṣe ìlà kejì. Nígbà tó bi wọ́n léèrè, wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo tó jẹ́ àgbà ló ń wo iṣẹ́ márùn-ún. Ká ní òun tó ń wáṣẹ́ ti lo ọdún mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, tó ti mọ bí nǹkan ṣe ń fọ́, tó kàn ń wá owó láti kọ́lé, ti dọ́là ni ǹ bá tọ́ka sí láìjanpata. Ká ní kò tíì mọ irú iṣẹ́ tó wù ú, ǹ bá ní kó lọ fi ọdún kan rí gbogbo rẹ̀ ní ẹ́jẹ́ńsì.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta sọ́fútíwíà fún iléèwé ló lọ. Owó wọn kéré sí ti dọ́là gan-an, mo rí i lójú ìyá rẹ̀ pé kò dùn mọ́ ọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́, lọ́sẹ̀ tí gbogbo òbí ń sanwó lẹ́ẹ̀kan náà, ètò ìsanwó tó kọ gba owó obìnrin kan lẹ́ẹ̀mejì, torí íńtánẹ́ẹ̀tì já, obìnrin náà sì tún tẹ bọ́tìnì. Wọ́n pè é lóru. Òun àti àgbà ibẹ̀ jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́, wọ́n rí i pé kò fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́ sí báńkì, nítorí náà báńkì rò pé ìsanwó méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n dá owó padà, wọ́n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo ilé kà á. Àdéhùn rẹ̀ yóò pé ọdún kan láìpẹ́. Ó ti ní ká jọ wo ìwé tuntun tí wọ́n fẹ́ fún un, mo sì ti sọ fún un pé kó mú ìṣirò oṣù tó kù nínú àpò wọn dání bó bá ń bọ̀, ká tó sọ̀rọ̀ owó.